Mo ti san mílíọ̀nù márùn-ún náírà ó lé, gbèsè mi kò dín ju ₦587,400 lọ

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ gbé e lọ sí báǹkì láìjẹ́ pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, mo yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní báǹkì kan láti fi parí ilé tí èmi àti ọkọ mi ń kọ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n fi san án, ìyẹn oṣù 120, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ti ń yọ ₦220,481 nínú àkáǹtì mi lóṣooṣù, wọn kò sì fo oṣù kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ní kí wọ́n tẹ ìwé ìṣirò ẹ̀yáwó náà fún mi. Ìgbà 24 ni mo ti san, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦5,291,544. Èrò mi ni pé gbèsè náà yóò ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ, nítorí pé ọdún méjì ti lọ nínú mẹ́wàá. Àmọ́ ohun tí mo bá ní ìlà ìkẹyìn nìyí: gbèsè ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ₦9,444,197, èlé, ₦188,884, èyí tó wọ ojú owó, ìyẹn owó tí mo yá gan-an, ₦31,597, gbèsè ní ìparí oṣù, ₦9,412,600. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń rí. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni, àbí èmi ni n kò mọ ìṣirò? Mo sì tún ní ₦500,000 lọ́wọ́, àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni. Ṣé kí n fi san lára gbèsè yìí, àbí kí n fi kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, bí báǹkì ṣe ń ṣe nìyẹn. Èlé wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó tán ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa gba ojú owó. Nítorí náà, kò sí èrè kankan nínú kí ẹ tètè san, torí pé wọ́n ti ń kó èlé ọdún mẹ́wàá náà lọ ṣáájú. Ẹ fi ₦500,000 yín ra oògùn sí ṣọ́ọ̀bù jàre.

Bọ̀bọ́ Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ áàpù wọn kúrò lórí fóònù yín kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mí lọ́dún tó kọjá: ₦30,000 ni mo yá fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí mo pẹ́ díẹ̀ wọ́n fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, títí kan pásítọ̀ wa.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ti áàpù. Báǹkì ni, ìwé ilé wa sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Mọ̀ǹmọ́, ìrẹ́jẹ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èmi náà yá mílíọ̀nù mẹ́wàá fún ọdún mẹ́wàá, lábẹ́ ètò ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi ń gé ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwa òṣìṣẹ́. ₦111,021 ni mò ń san lóṣù, ìdajì iye tí ẹ̀yin ń san ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì, gbèsè mi ti wálẹ̀ sí bíi ₦8,448,000. Ẹni tó ń san ìdajì ni gbèsè rẹ̀ ń yára dín ju tẹni tó ń san odindi lọ! Èwo nínú èyí ni kì í ṣe olè?

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Mo kí ẹ̀yin ará. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yáni lówó ní báǹkì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, irú ìwé tí ìyá wa gbé wá yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìyá Ìbejì, nítorí pé inú ẹjọ́ tó rò gan-an ni ìdáhùn wà. Ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni èlé ẹ̀yáwó ìjọba tí ó gbà. Ti Apòògùn jẹ́ ìdá 24. Ojú owó kan náà, iye ọdún kan náà, èlé ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí olè níbẹ̀, ìyàtọ̀ èlé ló ń ṣe ohun tí ẹ rí yẹn.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí a bá pín ìdá 24 sí oṣù 12, ìdá 2 ni lóṣù kan. Ní oṣù àkọ́kọ́, odindi mílíọ̀nù mẹ́wàá ni Apòògùn jẹ, ìdá 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ₦200,000. Ó san ₦220,481. Èlé oṣù náà kọ́kọ́ gba ₦200,000 tirẹ̀, ₦20,481 péré ló kù tí ó lè kan ojú owó. Ní oṣù kejì, gbèsè ti di ₦9,979,519, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦199,590, nítorí náà ₦20,891 ló wọ ojú owó. Ẹ wò ó pé iye tí ó ń san kò yí padà, ohun tó ń yí ni bí wọ́n ṣe ń pín in: bí gbèsè ṣe ń dín ni èlé ń dín, bí èlé sì ṣe ń dín ni ìpín ojú owó ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ìyípadà náà tó hàn sójú. Tí kò bá sí ohun mìíràn tó wọ àárín, oṣù kọkàndínláàádọ́rùn-ún yóò kọjá kí gbèsè yìí tó wálẹ̀ sí mílíọ̀nù márùn-ún. Ìyẹn ni pé ọdún méje àti ààbọ̀ ni yóò fi san ìdajì àkọ́kọ́, ọdún méjì àti ààbọ̀ ni yóò sì fi san ìdajì kejì. Nínú owó tí ó bá san kẹ́yìn ní oṣù 120, èlé kò ní ju bíi ₦4,300 lọ.

Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá mú ìwé tiyín, ẹ ó rí i pé ₦50,000 ni èlé oṣù àkọ́kọ́ yín, ₦61,021 sì wọ ojú owó. Ohun tó jẹ́ kí tiyín máa yára nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ohun tí ẹ sọ kan ìdí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni pé èlé ló pọ̀ jù nínú owó àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe èlé ọdún iwájú ni wọ́n ń gbà ṣáájú. Èlé oṣù tí a wà yìí ni wọ́n ń gbà, lórí gbèsè tí a jẹ ní oṣù yìí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé ìyá wa: ₦200,000 ni èlé oṣù àkọ́kọ́, ti oṣù kẹrìnlélógún jẹ́ ₦188,884. Bí ó bá san ₦500,000 lé e lónìí, èlé ₦10,000 kò ní sí nínú owó oṣù tó ń bọ̀. Báwo ni ẹ ṣe wá sọ pé kò sí èrè nínú títètè san?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Bàbá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo kàn ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá mi ní mílíọ̀nù kan, èlé ìdá 10, oṣù 12. Nígbà tí mo fẹ́ san gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹfà, wọ́n ní kí n san ₦100,000 èlé náà pé, wọn kò dín kọ́bọ̀ kan.

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ yín ti wá yé mi, mo sì fara mọ́ ọn fún irú ẹ̀yáwó yẹn. Ti ẹgbẹ́ yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣírò èlé lórí odindi mílíọ̀nù kan, wọn kò wo pé gbèsè ń dín lóṣooṣù. Bí a bá fi ìlànà ti báǹkì díwọ̀n rẹ̀, ìdá 10 yẹn tó bíi ìdá 18 lọ́dún. Nínú irú èyí, kò sí èrè nínú títètè san àfi tí ẹgbẹ́ bá gbà láti dín in kù. Ohun tí Apòògùn gbà kì í ṣe irú rẹ̀, nítorí pé èlé tirẹ̀ ń dín bí gbèsè ṣe ń dín. Ojú ìwé ni èèyàn ti ń mọ ìyàtọ̀ méjèèjì: bí èlé bá jẹ́ iye kan náà láti oṣù kìn-ín-ní dé ìparí, ti ẹgbẹ́ yín ni.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìlọrin

Mo fara mọ́ àlàyé Bàbá, ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú. Mo fi ìṣirò wọ̀nyí sínú Excel, ẹnikẹ́ni lè dán an wò:

```
=PMT(0.02,120,-10000000)
=FV(0.02,24,220481,-10000000)
```

Ìlà àkọ́kọ́ fún mi ní ₦220,481, nítorí náà iye tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù tọ̀nà. Ìlà kejì ni gbèsè tó yẹ kó kù lẹ́yìn ìsanwó 24, bíi ₦9,376,930 ni mo sì rí. Báǹkì wá kọ ₦9,412,600. ₦35,670 lé níbẹ̀. Ibo ni ó ti wá?

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Olùkọ́, ẹ ṣé gan-an, ojú mi fo ìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bóyá wọ́n ti gbé èlé sókè láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ láti ìdá 18.75 lọ sí ìdá 22.75, nígbà tí ó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ti di ìdá 27.50, ọ̀pọ̀ báǹkì sì fi èyí kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ pín èlé oṣù ìkẹyìn sí gbèsè ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà: ₦188,884 sí ₦9,444,197. 0.02 ni yóò fún yín gẹ́lẹ́. Nítorí náà, èlé ṣì wà ní ìdá 24, ó kéré tán ní oṣù yẹn. Ẹ ṣe ìpín kan náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ju 0.02 lọ, ẹ fi bírò yí i po. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jọ yín lójú tí iye náà bá fi díẹ̀ yàtọ̀ láàárín oṣù ọlọ́jọ́ 31 àti ti oṣù Kejì, nítorí pé àwọn báǹkì kan ń ka ọjọ́, wọn kì í ka oṣù. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìlà tí kì í ṣe èlé, tí kì í sì í ṣe owó tí ẹ san.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Mo ti ṣe é, alẹ́ àná ni mo fi ṣe é tán. Oṣù mẹ́rìnlélógún náà ni mo pín, 0.02 ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ìlà kan ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024: ₦25,000, wọ́n kọ ọ́ pé owó ìbánigbófò ilé. Ti ọdún àkọ́kọ́, mo rántí pé mo san án nígbà tí mò ń gba ẹ̀yáwó náà. N kò mọ̀ pé wọn yóò máa gbà á lọ́dọọdún, n kò sì mọ̀ pé orí gbèsè ni wọn yóò máa kó o lé.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìlọrin

Ó ti ń yanjú. ₦25,000 tí wọ́n kó lé gbèsè ní oṣù kejìlá ẹ̀yáwó náà, tí èlé ìdá 2 sì ń gùn ún fún oṣù 12, yóò di ₦31,706. Nínú ₦35,670, ₦3,964 ló ṣẹ́ kù tí a kò tíì mọ orísun rẹ̀.

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Ṣé oṣù kan wà tí owó yín pẹ́ kó tó wọlé?

Apòògùn Abẹ́òkúta

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí, owó kò tó nínú àkáǹtì fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí pé ilé ìwòsàn kan tó ń ra oògùn lọ́wọ́ mi kò tètè san owó ọjà. Ṣùgbọ́n n kò rí ìlà kankan tí wọ́n pè ní owó ìtanràn.

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni, ó sì lè má jẹ́ ibẹ̀. N kò lè jókòó sí Ìbàdàn kí n fi ẹnu bura lé ìwé tí n kò rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n fi ìlà náà hàn yín. Bí wọn kò bá fún yín ní èsì tó nítumọ̀, ẹ̀ka tí ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà wà ní Báǹkì Àpapọ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ báǹkì tiyín ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ.

Ẹ má sì fojú kéré ₦35,670 yìí. Iye tí ẹ ń san lóṣù kò yí padà, nítorí náà kò sí ohun tí ń san án kúrò. Yóò kàn máa bí èlé ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí dé oṣù 120, yóò ti di bíi ₦238,700, ẹ ó sì rò pé ẹ ti san gbèsè tán nígbà tí wọ́n bá sọ pé ó ku owó oṣù kan àti ìyókù. Ìbánigbófò ti ọdún yìí pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó máa fi ọwọ́ ara yín san án, kí wọ́n má ṣe kó o lé gbèsè mọ́.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò nínú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí: ṣé wọ́n kọ ọ́ pé èlé lè yí padà? Bí ó bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì gbé e dé ìdá 30, ìdá 2.5 lóṣù nìyẹn. Èlé ₦9,412,600 yóò di ₦235,315, ó ti ju ₦220,481 tí ẹ ń san lọ. Bí wọn kò bá fi kún owó oṣù yín nígbà náà, gbèsè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní tòótọ́ pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń san án.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ó wà níbẹ̀, Bàbá, ní ojú ewé kẹta, lẹ́tà tín-ín-tín. Àyà mi já. Ṣé kí n wá lọ san ₦500,000 yẹn?

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Bí ẹ bá san án, gbèsè yóò di ₦8,912,600. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni báǹkì lè gbà lo owó náà, àwọn oníbàárà kì í sì í béèrè èyí tí wọ́n lò. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ẹ máa san ₦220,481 yín lọ bí ti tẹ́lẹ̀, kí iye oṣù dín kù. Ní báyìí, ìsanwó 97 àti díẹ̀ ló kù fún yín. Yóò di 83 àti ààbọ̀. Ìgbà mẹ́tàlá ó lé ni ẹ kò ní san mọ́, èlé tí ẹ kò sì ní san mọ́ yóò tó bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi oṣù 96 sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n wá dín owó oṣù kù sí ₦209,563. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bíi ₦790,000 péré ni èlé tí ẹ kò ní san mọ́. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé iye oṣù ni ẹ fẹ́ kí ó dín, ọ̀nà kejì yìí ni kọ̀ǹpútà wọn sábà máa ń gbà. Mo ti rí ẹni tó tilẹ̀ kó owó sí àkáǹtì lásán láìkọ lẹ́tà, owó náà jókòó síbẹ̀ ní oṣù mẹ́rin, wọ́n kàn ń yọ owó oṣù nínú rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá san ṣáájú àkókò.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Bàbá, mo ti gbà pé kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìjọba, mo ní ìbéèrè. Bí ọjà oògùn tó fi ₦500,000 kó bá ń mú èrè tó ju ìdá 2 wọlé lóṣù, lẹ́yìn tó ti yọ owó iná àti owó àwọn ọmọṣẹ́, ṣé kò ní dára kó fi kó ọjà?

Bàbá Ẹ̀yáwó, Ìbàdàn

Ìbéèrè gidi ni, n kò sì lè dáhùn rẹ̀ fún un. Èlé ₦10,000 lóṣù tí kò ní san mọ́ bí ó bá san gbèsè dájú. Èrè ọjà kì í dájú bẹ́ẹ̀, oògùn sì ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Òun ló mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Èmi ṣì sọ pé kó kó ọjà. Ẹni tó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ fún báǹkì, tí ilé ìwòsàn yẹn bá tún pẹ́ kó tó sanwó, kí ni yóò fi san owó oṣù?

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ti bá ọkọ mi sọ ọ́. A fẹ́ fi ₦200,000 sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a sì san ₦300,000 lé gbèsè, pẹ̀lú lẹ́tà tí yóò sọ pé iye oṣù ni kí wọ́n dín. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ. Mo ti kọ ìbéèrè nípa ìbánigbófò àti ₦3,964 náà sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún mi. Bí wọ́n bá ti fèsì, n ó padà wá sọ ohun tí wọ́n wí fún yín níbí.